Onítìjú tó fẹ́ ní ojúlùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè: Oníṣirò owó ni mí. Ojú máa ń tì mí láàárín èrò. Tí mo bá lọ sí ìpàdé àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, igun kan ni mo máa ń dúró sí títí a ó fi túká. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ní ojúlùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ìpàdé sílẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ti mọ̀ rí, tí ẹ kò gbúròó mọ́, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́dún 1973: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ yín bá gbọ́, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àárín àwọn ẹlòmíràn ni ojúlùmọ̀ tí ẹ kì í sábà rí ń gbé, ìròyìn tí kò dé ọ̀dọ̀ yín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn tó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí wọ́n rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́fà péré ló ń rí onítọ̀hún déédéé.

Ẹ kọ orúkọ 20 sínú ìwé. Ẹni méjì ni kí ẹ máa kọ̀wé sí lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èsì á pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ á sì sú yín. Ẹ jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dá lórí ohun kan pàtó tí ẹ rántí nípa ẹni náà. Bí àpẹẹrẹ, sí ọ̀gá yín àtijọ́:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Bí ẹ ṣe kọ́ mi láti fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé owó wa ní ìparí oṣù ni mo ṣì ń lò. Ó jẹ́ kí n rí àṣìṣe ńlá kan lánàá. Mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Ẹ dúró síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á fi “ẹ bá mi wáṣẹ́” tì í nídìí, ọpẹ́ náà á wá di ìdẹ. “Ṣé àlàáfíà ni?” nìkan kò sì lọ jìnnà, nítorí “àlàáfíà ni” ni èsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ká ní wọ́n fèsì pé inú oṣù kẹta ni àwọn ayẹ̀wéwò ń bọ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ní oṣù kẹrin, ẹ béèrè bó ṣe lọ. Àkọsílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ, torí ó ń fún yín ní ohun tí ẹ ó sọ, ọkàn ẹni náà á sì balẹ̀ pé ẹ gbọ́ òun. Tí wọn kò bá fèsì, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì láìsí èsì, ẹ fi orúkọ mìíràn rọ́pò.

Tí ìpàdé bá wá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti fèsì sí yín bóyá wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni kí ẹ dúró sí. Àwọn ni yóò fi yín han ẹni kẹta.