Ṣé E, G àti ν tí mo wọ̀n bára mu?

*Mo fa ọ̀pá irin kan, mo rí E = 206 GPa. Mo lọ́ òmíràn, G = 72 GPa. ν tí mo wọ̀n jẹ́ 0.29. Èwo ni kí n gbà?*

Wọn kò bára mu o, G ni mo fura sí. Bí irin bá rí bákan náà níhà gbogbo, ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ tinú méjì jáde:

```
E = 2G(1 + ν)
```

E àti ν rẹ ní kí G jẹ́ 206 ÷ 2.58, bí 79.8. Tí a bá gba 72, ν á di 0.43, irin tí a fà kì í sì súnkì níbùú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì lè padà sípò.

Tún ìdábùú ọ̀pá tí o lọ́ wọ̀n. Ní Àjàṣẹ́ níbí, èmi náà gba mìlímítà 10 tí ọlọ́jà pè é gbọ́. Mo fi kálípà mú un, 9.75 ni. Nínú lílọ́, d⁴ ni ìṣirò ń lò, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré yẹn nìkan á fa G wálẹ̀ láti 79.7 sí 72. Bí ìdábùú bá pé, wo ibi tí ẹ̀rọ ti di ọ̀pá mú: tó bá ń yọ̀, igun á pọ̀ jù, G á kéré.

Má fi E àti G wá ν: àṣìṣe 2% nínú E/G á di bí 9% nínú ν.