Fílítà, sítíráìdì àti púlìn fún ẹni téébù

"Ẹ jọ̀ọ́, téébù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò, kí ni fílítà, sítíráìdì àti púlìn ń ṣe gan-an nínú CNN, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá fọ́tò mọ̀?"

Ọ̀rẹ́, tó o bá pààrọ̀ ipò kọ́lọ́ọ̀mù nínú téébù, kò sí wàhálà, àmọ́ nínú fọ́tò, tó jẹ́ kìkì nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà, àwọn nọ́ńbà tó fara kanra ló ní ìtumọ̀. Ká ní o ya ewé kòkó kan n'Íléṣà níbí, fọ́tò dúdú òun funfun, nọ́ńbà 28 lọ́nà 28. Fílítà, ìyẹn téébù nọ́ńbà kékeré 3 lọ́nà 3, á máa rìn lórí ẹ̀, ibi tó bá dé, á fi nọ́ńbà mẹ́sàn-án tiẹ̀ sọ mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀ di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ro wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án kan náà yìí ló ń lò káàkiri, ìyẹn ló fi ń rí àbààwọ́n ewé, ì báà wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Sítíráìdì ni ìgbésẹ̀ ẹ̀: tó bá jẹ́ 1, 26 lọ́nà 26 ló máa kù. Púlìn 2 lọ́nà 2 tó wọ́pọ̀ á mú èyí tó tóbi jù nínú mẹ́rin mẹ́rin, ó di 13 lọ́nà 13. Má jẹ́ kí sítíráìdì tóbi jù o, àbààwọ́n kékeré á sọnù.