Oko ni, ọkọ̀ ni, àbí ọkọ? Gbólóhùn nìkan kò tó láti fi dájọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ògbufọ̀. Bàbá wa àgbà fi lẹ́tà kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Lọ́yà ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀rọ̀ ogún, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ìlà tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí: "Oko iya Bisi ni o ta ni odun to koja." Mo mọ̀ pé oko lè jẹ́ ibi iṣẹ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ obìnrin, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ èyí tó jẹ́ látinú gbólóhùn. Èwo ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan o. Ọ̀rọ̀ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìkọ̀wé aláìlámì ló kó wọn sójú kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín tún ń da nǹkan méjì pọ̀ tí ẹ bá ti pe gbogbo rẹ̀ ní "àmì". Kínní kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ kì í ṣe àmì ohùn. Lẹ́tà mìíràn ni ọ jẹ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, bí b ṣe yàtọ̀ sí d. Ẹni tó kọ "oko" nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ obìnrin, lẹ́tà ló ṣì kọ. Ẹni tó kọ "ọkọ" nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́tò, ohùn ló fi sílẹ̀. Àṣìṣe méjèèjì kò rí bákan náà, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé ìyàtọ̀ yìí wúlò. Ní apá Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ɔ ni wọ́n ń lò fún ọ nínú ìkọ̀wé tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, nítorí náà ɔkɔ àti oko kì í jọra lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nàìjíríà níhìn-ín ni ti abẹ́ yẹn ti máa ń sọnù.

Èyí tó ń lo o ni oko tí à ń ro, òkò tí à ń sọ lu ẹyẹ, àti okó, ẹ̀yà ara ọkùnrin, tí mi ò ní fi lọ bàbá àgbà yín. Èyí tó ń lo ọ ni ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí à ń fi kọ ebè, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé. Ẹ̀yin fi ọ̀kọ̀ sí i, ẹ wá gbàgbé ọkọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń sọ lójoojúmọ́. Nínú ẹjọ́ ogún, òun gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ bá yín fà, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í sọ ọ́ fún mi. "Gbólóhùn á sọ ọ́." Lóòótọ́, ó máa ń sọ ọ́ nígbà tí ìṣe inú gbólóhùn bá bá ọ̀kan ṣoṣo mu. Tí ẹnìkan bá kọ "mo wo oko lo si Ibadan", kò sí ẹni tó máa rò pé ọkùnrin kan ló wọ̀ bí ẹ̀wù. Tí ó bá kọ "oko mi na mi", ilẹ̀ kò ní ọwọ́ tí yóò fi na èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ tí ìṣe náà bá jẹ́ ti rírà, títà, pípín, fífúnni, jíjí? Oko ṣeé tà. Ọkọ̀ ṣeé tà. Ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ náà ṣeé tà. Ìwé ogún sì rèé, irú àwọn ìṣe yìí ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ibi tí ẹ ti nílò ìrànlọ́wọ́ gbólóhùn jù lọ ni kò ti ní ohun kan láti sọ.

Ohun tó tún burú ni pé ẹni tó mọ ìtàn ẹbí kì í mọ̀ pé òun ló ń fi ìmọ̀ tirẹ̀ kún ohun tó ń kà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá mọ̀ pé ìyá Bísí ní oko kòkó, á rò pé gbólóhùn ló sọ fún òun. Gbólóhùn kò sọ nǹkan kan. Ẹ gbé e fún ọmọ Yorùbá míì tí kò mọ ẹbí yín rí, kí ẹ wo bó ṣe máa kà á.

Ẹ jẹ́ ká tú ìlà náà wò. Tí ó bá jẹ́ ọkọ ìyá Bísí ló ta nǹkan kan, a gbọ́dọ̀ rí ohun tó tà lẹ́yìn "ta": "Ọkọ ìyá Bísí ni ó tà á." Ti yín parí sórí "ta", lẹ́yìn náà ó bọ́ sí "ni odun to koja". Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n gbé síwájú gbólóhùn ni ohun tí wọ́n tà, ẹnikẹ́ni kì í sì í ta ọkọ obìnrin. Ọkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nìyẹn. Mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́ nítorí ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbé "tà á" mì di "ta" lásán, torí pé fáwẹ̀lì kan náà ló tẹ̀lé ara wọn. Ẹ wo ibòmíràn nínú lẹ́tà náà. Ṣé bàbá ń kọ "ra a", "ka a", "ta a" níbi tó yẹ? Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ dáadáa, a jẹ́ pé ọkọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí wọn kò bá kọ ọ́ rí, ẹ dá ọkọ padà sórí tábìlì.

Nísinsìnyí, "o" yẹn. Gbogbo ẹbí ń jà lórí oko, kò sí ẹni tó wo lẹ́tà kékeré yìí, òun ló sì lè sọ ẹnìkan di olè. Ó tà, ẹlòmíràn ló tà á. O tà, ìwọ tí mo ń kọ̀wé sí lo tà á. Láìsí àmì, ẹ̀sùn ti kúrò lọ́rùn ẹnìkan bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà nínú bí bàbá ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni. Ta ni wọ́n kọ lẹ́tà sí? Tí wọ́n bá ń pe ẹni náà ní "e", ìyẹn ẹ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò ní ṣàdédé sọ ọ́ di "o" lórí ìlà kan, nítorí náà ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Tí ó bá jẹ́ ọmọ wọn ni wọ́n ń kọ̀wé sí, tí wọ́n ń kọ "o se", "o mo", méjèèjì ṣì ṣeé ṣe, ẹ ò sì gbọdọ̀ yan ọ̀kan.

Ó ku oko, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Níbí, ẹ fi gbólóhùn sílẹ̀, kí ẹ lọ wo bébà náà gan-an. Mi ò sọ àwòrán orí fóònù, mi ò sì sọ ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ àgbà tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ máa ń fi ìlà kékeré sábẹ́ ọ, ẹ àti ṣ, bí wọn kò tilẹ̀ fi àmì ohùn kankan sí i. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọmọ, ọwọ́ tàbí ọjọ́ lójú ìwé kan náà. Tí bàbá bá fi ìlà sábẹ́ àwọn yẹn dáadáa, tí "oko" nìkan wá wà láìní nǹkan lábẹ́, ẹ̀rí tó lágbára ni pé oko tí à ń ro ni wọ́n ní lọ́kàn. Tí kò bá sí ìlà lábẹ́ ìkankan, a jẹ́ pé kò sí ẹ̀rí. Tí ó bá wà lábẹ́ àwọn kan tí kò sí lábẹ́ àwọn mìíràn, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá bàbá tilẹ̀ máa ń pe mọ́tò ní ọkọ̀. Àwọn àgbà kan wà tí mọ́tò ni wọ́n máa ń sọ, tí ọkọ̀ jẹ́ ti ojú omi lẹ́nu wọn. Tí "moto" bá wà níbòmíràn nínú lẹ́tà yẹn, ọkọ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún wá ohun tó ń bá ilẹ̀ rìn: kòkó, ọ̀pẹ, odò, ààlà, orúkọ ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá a pààlà. Ní ti ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, ẹ lè fi wọ́n sẹ́yìn, àfi tí ìdílé yín bá jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọ̀rọ̀ kò sì yanjú, ẹ má yan. Ẹ fi "oko" sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ẹ kọ àlàyé ògbufọ̀ sísàlẹ̀ ojú ìwé. Kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní àmì nínú ojúlówó, pé ó lè jẹ́ ilẹ̀ oko tàbí mọ́tò, pé "o" tó tẹ̀lé e lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí tàbí ẹlòmíràn, kí ó sì sọ ìdí tí ẹ fi rò pé ọ̀kan súnmọ́ òótọ́ ju èkejì lọ. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè wá jẹ́rìí sí i, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ògbufọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ẹjọ́ gíga wa fi ń ṣiṣẹ́, adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pàápàá kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ tirẹ̀ dípò ìtumọ̀ tí ẹ gbé síwájú rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni yóò kà. Bí ìyẹn ṣe kan ẹjọ́ tiyín, lọ́yà yín ni kí ẹ bi. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì tíì fojú kan lẹ́tà náà, nítorí náà ẹ má lọ sọ ní kóòtù pé mo ní oko ni.

Ohun kan wà tí mo fi ń bínú sí àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tí wọ́n ń pe ara wọn ní ògbufọ̀: wọ́n á fi báírò sí àmì lórí ojúlówó lẹ́tà, wọ́n á ní àwọn ń ràn yín lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ èyí tí bàbá kọ àti èyí tí wọ́n fi kún un, ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ á sì sọ pé ẹ ti yí ìwé padà. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn. Tí lẹ́tà náà bá ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ gbà á lónìí, kí ẹ yẹ ìlà yẹn wò lójú wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.