Ojú ewé wo ni wọ́n ti ń pa dà lẹ́yìn wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ṣe áàpù tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń bèèrè gáàsì ìdáná. Flutter la fi kọ ọ́, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tá a ti gbé e jáde. Ènìyàn 430 ló ti gbé e sórí fóònù, ṣùgbọ́n 118 péré ló forúkọ sílẹ̀ dópin. Ọ̀rẹ́ mi ní ojú ewé tá a ti ń bèèrè orúkọ àti àdúgbò ló gùn jù, ká gé e kúrú. Mo ṣí Firebase wò, "MainActivity" nìkan ni mo ń rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí wọ́n ti ń pa dà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín ń sọ, ṣùgbọ́n ojú lásán ló fi wò ó.

Ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí "MainActivity" nìkan ni pé inú ilé kan ṣoṣo ni Flutter ti ń ya gbogbo ojú ewé áàpù yín. Firebase dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ó ń ka ẹni tó wọlé, kò mọ yàrá tí oníkálukú yà sí. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ máa sọ fún un. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà yìí síbẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀:

```dart
FirebaseAnalytics.instance.logEvent(name: 'foonu_han');
```

Orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 40 lọ, kò gbọdọ̀ ní àlàfo, ẹ má sì fi àmì ohùn sí i. Inú `initState` ni kẹ́ ẹ fi ìlà náà sí, ẹ má fi í sínú `build`. Mo ti rí ẹni tó fi í sínú `build` rí. Gbogbo ìgbà tí ojú ewé bá tún ara rẹ̀ yà, bóyá nítorí pé pátákó ìtẹ̀wé yọ sókè, ìkàyé tún ń lé sí i, ó wá dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo wo ojú ewé nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ṣùgbọ́n kí ojú ewé hàn nìkan kò tó. Tí ẹ bá mọ̀ pé èèyàn rí ojú ewé kóòdù, ìyẹn ibi tó ti máa tẹ kóòdù tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, tí kò sì dé ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá kò gbìyànjú rárá ni, àbí ó gbìyànjú tí nǹkan kọ̀ fún un. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ẹnì kìíní, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnì kejì. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ sílẹ̀ fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ó hàn, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, sáfà gbà á wọlé. Fún ojú ewé kóòdù, ìyẹn á jẹ́ `koodu_han`, `koodu_te` àti `koodu_gba`. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bèèrè kóòdù mìíràn ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, `tun_ran`. Ẹ má fojú kéré ìkẹyìn yìí, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Nọ́ńbà fóònù oníbàárà tàbí orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ìlà yìí lọ o. Google kò fàyè gbà á, òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà sì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ẹ so fóònù tiyín mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kọ èyí, kẹ́ ẹ fi applicationId áàpù tiyín rọ́pò ti ìparí:

```
adb shell setprop debug.firebase.analytics.app com.example.gaasi
```

Ẹ ṣí DebugView nínú Firebase, kẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀ bí oníbàárà. Ẹ ó máa rí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó ń yọ wọlé. Bí èyí kan kò bá yọ, ẹ tún un ṣe kí ó tó di ti gbogbo ayé. Ti àwọn 430 tó ti kọjá ni kẹ́ ẹ gbàgbé, nítorí pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, a kò lè pè é pa dà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọ inú Google Analytics, ẹ tẹ Explore, kẹ́ ẹ mú Funnel exploration. Àrọ nìyẹn, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń rọ epo sínú ìgò. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, ajere ni ǹ bá pè é, nítorí pé ohun tá a bá dà sínú àrọ, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bá jáde, ibi tí tiwa ti ń jò gan-an la sì ń wá. Ẹ to àwọn orúkọ yẹn sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Iye ènìyàn ló máa kà níbẹ̀, kì í ṣe iye ìgbà. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn kúrò nínú ọjọ́ tẹ́ ẹ mú, nítorí fóònù tí kò ní dátà máa ń di àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ra títí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Tẹ́ ẹ bá ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ ọn, ẹ ó rò pé àwọn kan sá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀dà áàpù tuntun nìkan, kí ẹ̀dà àtijọ́ tí kò mọ orúkọ wọ̀nyí má bàa da ìṣirò rú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó ṣojú mi. Ọkùnrin kan tó ń gba aṣọ fọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní áàpù tirẹ̀. Òun náà ní ojú ewé nọ́ńbà fóònù, ti kóòdù, ti orúkọ àti ilé, ti PIN. Òun náà sì ti pinnu pé orúkọ àti ilé ló ń lé ènìyàn sá. Nígbà tí àkọsílẹ̀ wa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn 240 ló rí ojú ewé fóònù, 221 tẹ bọ́tìnnì, 218 dé ojú ewé kóòdù. Àwọn tí kóòdù wọn wọlé jẹ́ 131. Láti ibẹ̀ dé òpin, 119 ló kù. Ojú ewé orúkọ tó fẹ́ gé yẹn pẹ̀lú PIN, méjìlá péré ni àwọn méjèèjì jọ pàdánù. Ojú ewé kóòdù nìkan pàdánù 87.

Kíá, ó ní kí ayàwòrán rẹ̀ bá òun sọ àpótí kóòdù di ńlá. Mo ní kó dúró ná. A kó àwọn 87 yẹn jọ nínú Segments: ẹni tó ní `koodu_han` tí kò ní `koodu_gba`. Nínú wọn, 64 ni wọ́n tẹ `tun_ran`, àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ní `koodu_te` nínú wọn. Ẹni tí nǹkan sú kì í bèèrè kóòdù mìíràn. Àwọn wọ̀nyí jókòó, wọ́n ń retí, kóòdù kò dé. Ojú ewé náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

A lọ wo ìwé ìjábọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. DND ló kún ibẹ̀. Ètò DND ni èyí tí NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí ènìyàn fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 tí kò bá fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó máa da òun láàmú. Ọ̀nà ìpolówó, tí owó rẹ̀ kéré, ni ọkùnrin yìí rà láìmọ̀, òun ló sì ń fi kóòdù gbà. Gbogbo ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìpolówó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ kóòdù náà. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò rí i rí, nítorí pé nọ́ńbà tiwọn kò sí lórí DND. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ fi STATUS ránṣẹ́ sí 2442 láti orí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń yẹ áàpù wò. Ọkùnrin náà yí sí ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú kóòdù bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ gọbọi díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, nínú 205 tó rí ojú ewé kóòdù, 179 ló kọjá.

Ó ku 26. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo wo àwọn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé 15 nínú wọn, lẹ́yìn `koodu_han`, ojú ewé ìkíni káàbọ̀ ló tún hàn fún wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n jáde lọ ka kóòdù nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Fóònù wọn kò ní ààyè ìrántí púpọ̀, Android sì pa áàpù náà kó lè ráàyè. Nígbà tí wọ́n pa dà dé pẹ̀lú kóòdù lọ́wọ́, áàpù ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà. Lórí àrọ, ẹni tó sá nìwọ̀nyí. Oògùn rẹ̀ ni kí áàpù fi nọ́ńbà náà àti ibi tí wọ́n dé pamọ́ sórí fóònù, kó sì ṣí sí ojú ewé kóòdù tààrà bí wọ́n bá pa dà.

Mi ò sọ pé DND ló ń ṣe tiyín. Ó lè jẹ́ pé ẹ ń bèèrè ibi tí ènìyàn wà kí ó tó mọ̀ yín, kí wọ́n sì kọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àrọ bá ti jò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: ṣé wọ́n tẹ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ? Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ọ̀dọ̀ yín lẹ̀bi wà. Bí wọn kò bá fọwọ́ kàn án rárá, ohun tí ojú ewé náà ń bèèrè ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn yín kò sì tíì pọ̀, ẹ má fi ìyàtọ̀ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣèpinnu. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ní Tákíè, ẹ bẹ ènìyàn mẹ́rin pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ níṣojú yín, orí fóònù tiwọn, nọ́ńbà tiwọn, dátà tiwọn. Ẹ má bá wọn fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní ti ojú ewé orúkọ àti àdúgbò tí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ gé, nǹkan kan wà nínú Funnel exploration yẹn tí wọ́n ń pè ní Show elapsed time. Ẹ tàn án. Bí àwọn ènìyàn bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì jáde sí òdì kejì, a jẹ́ pé òótọ́ lọ́rẹ̀ẹ́ yín sọ, ẹ mú ọ̀bẹ.