Èsì: Lẹ́tà ìparí gbèsè mọ́tò

«Amẹ́ríkà ni mo wà. Ìkànnì àwọn tó yá mi lówó mọ́tò ní $8,400 ló kù, èlé 7.3% lọ́dún. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ni mo san owó kẹ́yìn. Lẹ́tà ìparí gbèsè wá ń bèèrè $8,436.96 títí di ọjọ́ 25. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?»

Rárá o. Ojú owó nìkan ni $8,400 yẹn, èlé tó ti gorí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. 7.3% rẹ̀ jẹ́ $613.20 lọ́dún, ẹ pín in sí 365, ó di $1.68 lójúmọ́. Ọjọ́ 22 ló wà láàárín ọjọ́ 3 sí 25, ìyẹn $36.96. Ó pé gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ 25 yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Ọjọ́ tí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Sọ̀wédowó tèmi pẹ́ lójú ọ̀nà nígbà kan, ni wọ́n bá di ìwé mọ́tò mi mú nítorí dọ́là mẹ́rin péré! Tí ó bá lè pẹ́, ẹ fi $1.68 kún un fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó lé. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbà á padà.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Ó yẹ kó sọ pé wọn yóò yọ orúkọ wọn kúrò lórí ìwé mọ́tò yín, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí tó wà níbẹ̀ wé ti ara mọ́tò. Àdírẹ́sì ńkọ́? Tí ẹ bá ti kó kúrò nílé àtijọ́, ibẹ̀ ni ìwé náà máa lọ.