Kí a wọn gàrí kó tó di ẹ̀bà: òkèlè fún ẹni tó ń ṣọ́ kálórì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwòsàn pé kí n má jẹ ju kálórì 1,600 lọ lójúmọ́, kí n lè dín ara kù díẹ̀ sí bí mo ṣe wà yìí. Òkèlè ni mo máa ń jẹ lálẹ́: ẹ̀bà tàbí àmàlà, àti iyán lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé kí n pa á tì ni, àbí ó ní ìwọ̀n tí mo lè jẹ? Àwọn kan tilẹ̀ ní àmàlà sàn ju ẹ̀bà lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kò ní láti pa òkèlè tì. Ohun tí ẹ ó yí padà ni ìgbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n: gàrí, èlùbọ́ tàbí iṣu ni kí ẹ wọ̀n kí ó tó di òkèlè, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n èyí tó ti wà nínú àwo. Omi ló fà á. Omi kò ní kálórì kankan, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bí òkèlè yóò ṣe tóbi tó. Ẹ̀bà líle tí a fi gíráàmù 80 gàrí tẹ̀ yóò kéré lójú ju ẹ̀bà rírọ̀ tí a fi gíráàmù 80 kan náà tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kálórì inú wọn dọ́gba.

Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 355, ti èlùbọ́ iṣu sì tó 345, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ibi tí àwọn tó ń yin àmàlà ti rí ọ̀rọ̀ sọ ni pé èlùbọ́ máa ń mu omi ju gàrí lọ, tí ìwọ̀n èlùbọ́ kan náà sì ń di àmàlà tó pọ̀ lójú. Bí ẹ bá wá jẹ àmàlà tó pọ̀ ju ẹ̀bà lọ nítorí pé ẹ gbọ́ pé ó fúyẹ́, èrè náà ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni ìyẹ̀fun àlìkámà àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi fún àwọn tó fẹ́ dín ara kù: kálórì wọn ní gbígbẹ kò jìnnà sí ti èlùbọ́ iṣu.

Iyán ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí pé a kì í sá iṣu rẹ̀ gbẹ. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣu jẹ́ omi, gíráàmù 100 iṣu sísè sì ní bíi kálórì 116. Gígún kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ wọn iṣu náà lẹ́yìn tí ó bá jinná, kí ẹ tó dà á sínú odó. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun iyán inú páálí ni ẹ ń rò, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ìwọ̀n èlùbọ́ ni kí ẹ lò fún un.

Pẹ̀lú kálórì 1,600, mo máa ń fi nǹkan bíi 600 sílẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹ òkèlè. Nínú rẹ̀, kí òkèlè gba bíi 280. Gíráàmù 80 gàrí nìyẹn, tàbí gíráàmù 80 èlùbọ́, tàbí gíráàmù 240 iṣu sísè. Ẹ lo sikéèlì kékeré ti ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọn gíráàmù 80 gàrí sínú ife kan nílé, kí ẹ sì fi bíírò fa ìlà sí ibi tó dé. Ẹ fa ìlà mìíràn fún èlùbọ́, nítorí pé wọn kì í kún ife bákan náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ife yẹn ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kò ju ìdí ìkòkò lọ. Ẹ̀bà rọ̀ jù, a bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan wọ́n ọn. Àmàlà ṣàn, a tún da èlùbọ́ sí i. Ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan lè tó gíráàmù 40, èyí tí í ṣe bíi kálórì 140, ìdajì òkèlè odindi tí ẹ kò kà. Omi ni kí ẹ máa wọ̀n pẹ̀lú: ẹ fi nǹkan bíi mìlílítà 150 bẹ̀rẹ̀ fún gàrí náà, àti 240 fún èlùbọ́, kí ẹ sì máa fi omi ṣe àtúnṣe lọ́jọ́ mìíràn títí yóò fi rí bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ.

Ọbẹ̀ ló wá kù, òun gan-an ló sì máa ń da ìṣirò rú. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ní bíi kálórì 120. Ẹ jẹ́ kí a wo ìkòkò ẹ̀gúsí ènìyàn 6 tí a fi gíráàmù 300 ẹ̀gúsí àti ṣíbí epo 10 sè. Ẹ̀gúsí náà tó kálórì 1,700, epo rẹ̀ jẹ́ 1,200. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 6, ó lé ní 480 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìtíì ka ẹran tàbí ẹja, ó sì ti ju òkèlè fúnra rẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá dín ẹ̀gúsí kù sí gíráàmù 180 àti epo sí ṣíbí 4, tí ẹ fi ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ púpọ̀ dí àyè wọn, yóò wálẹ̀ sí bíi 250.

Nítorí èyí, ọbẹ̀ ni kí ó máa pinnu bí òkèlè yóò ṣe pọ̀ tó. Ní alẹ́ ọjọ́ ewédú, àmàlà gíráàmù 80 èlùbọ́ jẹ́ 275, ewédú kò ju 25 lọ, ọbẹ̀ ata tó ní ṣíbí epo kan fún yín tó 150, ẹja àrọ̀ gíráàmù 100 sì tó 140: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 590. Ní alẹ́ ọjọ́ ẹ̀gúsí tí a ti dín epo rẹ̀ kù, ẹ dín gàrí sí gíráàmù 50, tó jẹ́ bíi 180. Pẹ̀lú ọbẹ̀ 250 àti ẹja 140, ó di 570. Ẹ̀bà yẹn á kéré lóòótọ́, nítorí náà kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo, kí ẹ sì máa gé òkèlè wẹ́wẹ́. Òkèlè kò ní jíjẹ lẹ́nu, ó tètè ń tán kí inú tó mọ̀ pé òun ti yó.

Ní bùkà, ẹ kò lè mọ iye èlùbọ́ tó wà nínú ìgbákọ kan. Ẹ bu àmàlà tí kò ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má bu epo orí ọbẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹ sì ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí lo oògùn rẹ̀, ẹ má dín òkèlè kù láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù. Ní ti àwọn yòókù, ẹ máa wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún epo ọbẹ̀ wọ̀n kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè.