Ṣé "en" ẹ̀yìn Student túmọ̀ sí pé wọ́n pọ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ́ wa ní èdè Jámánì pé Student, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́, di Studenten tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. Kí ló dé tí mo wá rí den Studenten níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo wà?"

Ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fi ìdajì ọ̀rọ̀ pa mọ́, ó sì ń bí mi nínú, nítorí àlàyé yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ ọmọ wa rú nínú ìdánwò.

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ akọ kan wà ní èdè Jámánì tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ olùwà, tí wọ́n sì jẹ́ ẹyọ kan, nìkan ni wọ́n máa ń wà láìní àfikún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe nǹkan ni der Student. Tá a bá rí i, den Studenten. Tá a bá ràn án lọ́wọ́, dem Studenten. Tá a bá sọ pé ìwé rẹ̀ ni, das Buch des Studenten. Ẹnì kan náà ni. Tí wọ́n bá wá pọ̀, en wà níbẹ̀ síbẹ̀: die Studenten.

Lójú tèmi, iṣẹ́ en yìí ni kó sọ fún wa pé ẹlẹ́mìí yìí kọ́ ló ń ṣe é. Wo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà: Mensch, ìyẹn ènìyàn, Junge, ọmọkùnrin, Löwe, kìnnìún, Hase, ehoro. Ọ̀pọ̀ aláìlẹ́mìí tó wà láàárín wọn látijọ́ ti jáde. Garto àti bogo ayé àtijọ́ gbé n mọ́ra títí dé ipò olùwà, wọ́n sì di Garten, ọgbà, àti Bogen, ọrun. Planet àti Diamant ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Ìró ìparí wọn ló mú wọn wọlé.

Herr, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni, ló fi iṣẹ́ náà hàn jù. Ka èyí: Herrn Müller kennt Herr Schmidt. Kennt ni "mọ̀". Ọmọ Yorùbá á ní Müller ló mọ Schmidt, torí pé ní èdè tiwa ẹni tó ṣáájú ló ń ṣe é. Rárá o, Schmidt ló mọ Müller. Kò sí der, kò sí den. N kékeré ẹ̀yìn Herr yẹn nìkan ló gbé gbogbo ìtumọ̀ náà dání. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ Herrn Müller sára àpò lẹ́tà, torí òun ni lẹ́tà ń lọ bá, tí ìkíni inú rẹ̀ sì jẹ́ Sehr geehrter Herr Müller. Tí wọ́n bá pọ̀, ó di Herren.

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ Jámánì fúnra wọn ti ń gbé e jù nù lẹ́nu. Wọ́n á ní mit dem Student, torí pé dem ti sọ ohun tó yẹ. Má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, àṣìṣe ni wọn yóò kà á sí.

Má sì fi e ìparí nìkan dá wọn mọ̀. Käse, wàràkàṣì, jẹ́ akọ, ó parí sí e, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìwé atúmọ̀-èdè ni kó o ṣí. Àfikún méjì ló máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ níbẹ̀: ti ẹni tó ni nǹkan ló ń ṣáájú, ti ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Tó o bá rí -en, -en tàbí -n, -n lára ọ̀rọ̀ akọ, ó wà lára wọn. Tó o bá rí -ns, -n, bíi ti Name, orúkọ, ó ń gba n bíi tiwọn, àmọ́ ó ń fi s kún un níbi tó bá ti jẹ́ oní-nǹkan: des Namens.